Ọmọ ọdún mélòó ni Rizzo? Àríyànjiyàn lórí àgbàlagbà tó ń ṣe ọmọ sẹ́kọ́ńdírì

Dérìn Kúìsì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Níbi kúìsì fíìmù tí a ṣe lálẹ́ Sátidé, wọ́n bi wá léèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni Stockard Channing nígbà tó ṣe Rizzo nínú Grease. Àwa ní 33. Adájọ́ ní 34 ló wà lórí káàdì òun, ó sì gba máàkì lọ́wọ́ wa. Ta ló jàre? Àti pé kí ló dé gan-an tí wọn kì í fi ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ṣe ọmọ sẹ́kọ́ńdírì?

---

Àlàbí Kílápà

33 ni nígbà tí wọ́n ń yà á. 34 ni nígbà tó jáde.

Ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1944 ni wọ́n bí i. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ọdún 1977 ni wọ́n fi ya fíìmù náà. Ó ti pé 33 látinú oṣù kejì ọdún yẹn, kò sì ní di 34 títí oṣù kejì mìíràn yóò fi dé. Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ọdún 1978 ni fíìmù dé sinimá, ó sì ti di ẹni 34 nígbà náà. Ibẹ̀ ni káàdì adájọ́ yín ti mú tirẹ̀ wá.

Ti Olivia Newton-John tó ṣe Sandy tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1948 ni wọ́n bí òun. 28 ni nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, 29 nígbà tó jáde, ẹni tó bá sì kàn yọ 1948 kúrò nínú 1978 yóò sọ fún yín pé 30 ni. Mo ti rí nọ́mbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí káàdì kúìsì, kálukú wọn ń búra pé òun lòótọ́. Newton-John alára mọ̀ pé ọjọ́ orí òun lè di ọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya òun wò ná kí òun tó fọwọ́ sí i, torí ó ń bẹ̀rù pé òun ti dàgbà ju ọmọ sẹ́kọ́ńdírì lọ. Ó fi ọdún márùn-ún ju John Travolta tí wọ́n jọ ń ṣeré ìfẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ gùn díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dé láti ibi iṣẹ́.

---

Gbẹ́nga Ojúlówó

Kò gùn rárá, òfin ni. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò bá tíì pé 18 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú fíìmù. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa wá arúgbó kiri nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

---

Dérìn Kúìsì

Bùọ̀dá Gbẹ́nga, ọmọ kékeré tó ń sunkún kún inú fíìmù wọn. Àwọn yẹn ń kọ́? Ṣé àgbàlagbà ni wọ́n gé kúrú?

---

Àlàbí Kílápà

Gbẹ́nga dé ẹnu ọ̀nà ṣùgbọ́n kò wọlé. Òfin wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Òfin ọ̀hún kò sọ pé kí ọmọdé má ṣiṣẹ́. Wákàtí ló ń kà fún un. Los Angeles ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń to àkókò sórí lokéṣàn, nítorí náà iṣẹ́ òòjọ́ mi ni.

Ní California, ọmọ tó wà láàrin ọdún 9 sí 15 lè wà lórí lokéṣàn fún wákàtí mẹ́sàn-án, kí ẹ fi àkókò oúnjẹ lé e. Nínú mẹ́sàn-án yìí, tí iléèwé bá wọlé, márùn-ún péré ni iṣẹ́. Mẹ́ta jẹ́ ti ẹ̀kọ́, ọ̀kan jẹ́ ti ìsinmi. Ẹni 16 àti 17 ní mẹ́wàá, mẹ́fà nínú rẹ̀ ni iṣẹ́. Àgbàlagbà ń ṣe wákàtí méjìlá, ó sì lè kọjá bẹ́ẹ̀ tí purodúsà bá ti gbà láti sanwó àfikún. Tíṣà tí òfin yàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tíṣà yìí lágbára ju dàrẹ́kítọ̀ lọ tó bá di ọ̀rọ̀ ọmọ: tó bá ní àkókò tó, ó tó.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ìran ilé oúnjẹ iléèwé ni, ọmọ márùn-ún yí tábìlì ká, wọ́n ń ṣe òfófó. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ẹni 22 sókè. Ọ̀kan ṣoṣo jẹ́ 15, ó sì dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Kí a tó tan iná tán, kí a fi ẹ̀rọ ohùn sí wọn láyà, kí wọ́n dánra wò, aago mẹ́wàá ti ń lọ. Tí ọmọ yẹn bá jókòó síbi ìwé lásìkò tí a ń tan iná, ó dára, ẹ̀kọ́ ti ń wọlé. Àmọ́ iṣẹ́jú márùn-ún níhìn-ín, iṣẹ́jú méje lọ́hùn-ún kò kà. Ó gbọ́dọ̀ tó 20 iṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan kí tíṣà tó kọ ọ́ sílẹ̀. A óò ya gbogbo tábìlì lápapọ̀, lẹ́yìn náà a óò sáré yí kámẹ́rà sí ojú ọmọ yẹn ṣáájú ojú ẹnikẹ́ni, a óò ya gbogbo ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán, a óò ní kó máa lọ sí kíláàsì. Àwọn mẹ́rin yòókù yóò wá máa bá orí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, obìnrin kékeré kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà, tó dá irun kan náà, tó kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà.

Bó ṣe yẹ kó lọ nìyẹn. Tí dàrẹ́kítọ̀ bá wá ní aago mẹ́rin pé òun fẹ́ tún ojú ọmọ yẹn yà torí òun ti yí ìparí ìran padà, a ti wọ gàù. Ọjọ́ kejì ni. A óò tún tan iná kan náà, a óò tún pe gbogbo àwọn yòókù wá, a óò tún sanwó ilé oúnjẹ yẹn. Nítorí ọmọ kan.

Ẹ̀yin ẹ fi ara yín sí ipò purodúsà tí ó ní ogún ọmọdé nínú eré rẹ̀.

---

Gbẹ́nga Ojúlówó

Ó dáa, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ṣì gbọ́ pé àwọn ọmọ 16 kan wà tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ níbẹ̀. Ibo ni wákàtí mẹ́fà wọn wọlé sí?

---

Àlàbí Kílápà

Ìyẹn náà wà. Ẹni 16 tàbí 17 tó bá ti parí sẹ́kọ́ńdírì, tàbí tó ti yege nínú ìdánwò ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí bákan náà, òfin iṣẹ́ kì í fi dandan mú un lọ sí kíláàsì mọ́, yóò sì ṣe wákàtí àgbà. Àwọn òbí tó gbọ́n máa ń mú ọmọ wọn lọ ṣe ìdánwò yẹn nítorí èyí nìkan. Nínú ìpolówó iṣẹ́, ẹ óò rí i pé wọ́n ń wá ẹni tó ti pé 18 tí ojú rẹ̀ ṣì gba ọmọ 15. Ohun tí purodúsà ń wá kò ju wákàtí lọ.

---

Làńrè Gbọ́ọ̀lù

Ẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídín ọjọ́ orí kù kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Níbi bọ́ọ̀lù àwọn tí kò tíì pé 17, ṣebí ẹ rí bí FIFA ṣe ń ya àwòrán egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ láti ọdún 2009? Ẹni tó bá ti lé ní 17, egungun lè tú u síta. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣèré náà. Ẹni tó bá purọ́, kí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

---

Dérìn Kúìsì

Ẹ̀gbọ́n Làńrè, kò sẹ́ni tó purọ́ o. Gbogbo ayé mọ̀ pé àgbàlagbà ni Rizzo. Iye rẹ̀ gan-an là ń wá.

---

Àlàbí Kílápà

Ẹ má tíì lé Làńrè, torí ẹnì kan wà tó fi tirẹ̀ pamọ́ lóòótọ́. Gabrielle Carteris, tó ṣe Andrea nínú Beverly Hills, 90210. Ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1961 ni wọ́n bí i, eré yẹn sì bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹwàá ọdún 1990. Ẹni 29 tó ń gbé ìwé lọ sí kíláàsì àwọn ọmọ 16. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn náà pé òun kò jẹ́ kí wọ́n mọ iye tí òun jẹ́ nígbà tí òun ń wá iṣẹ́ náà. Inú eré kan náà ni Tori Spelling wà, tó ṣì jẹ́ 17 nígbà náà. Ọdún méjìlá ló wà láàrin àwọn méjèèjì, ọmọ iléèwé kan náà ni wọ́n sì ń ṣe.

Eré yẹn gba ọdún mẹ́wàá. Ìdí kejì tí wọ́n fi ń yan àgbàlagbà nìyẹn. Ẹni 24, tí ẹ bá tún pàdé rẹ̀ ní 27, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọmọ 13 tí ẹ fi sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, tí ẹ tún pè padà ní oṣù kẹsàn-án, ó ti lè ga ju ẹni tó ń ṣe bàbá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti fọ́. Nínú ìtàn, ó lè jẹ́ ọjọ́ kejì péré ni.

---

Sísí Yunifọ́ọ̀mù

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí èmi ni irú ẹni tí wọ́n ń fi ṣe é. Mo tín-ín-rín, n kò ga. Láti ìgbà tí mo ti wọ iṣẹ́ tíátà nílé níbí ni wọ́n ti ń na yunifọ́ọ̀mù sí mi. Mo ti bímọ méjì, àkọ́bí mi ti wọ JSS, wọ́n ṣì ń pè mí kí n wá ṣe ọmọ SS2 tó gboyún.

Tiwa yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n Kílápà o. N kò tíì rí tíṣà kankan tó ń ka wákàtí lórí lokéṣàn tí mo ti ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pè mí ni pé mo lè há ọ̀rọ̀ sórí láàárín kí jẹnẹrétọ̀ kú kó sì tún dìde, mo lè sunkún nígbà tí wọ́n bá ní kí n sunkún, mo sì lè sùn sí lokéṣàn láì sí ìyá tí yóò máa pe purodúsà lórí fóònù. Ìran oyún yẹn náà wà ńbẹ̀. Òbí wo ló máa fi ọmọ rẹ̀ gidi sílẹ̀ kí ọkùnrin máa fà á wọ yàrá nínú fíìmù, kó tó di pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rí i?

Ohun tí kò jẹ́ kí inú mi dùn ni owó. Purodúsà kan sọ fún mi lójú ara mi pé ipa ọmọdé ni, owó ọmọdé ni òun máa san. Mo ní kó lọ mú ọmọdé wá. Ó padà san án.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí: ojú kọ́ ló ń tú àṣírí. Ọrùn ni, àti ẹ̀yìn ọwọ́, àti bí èèyàn ṣe ń jókòó. Àgbàlagbà máa ń wá ibi tí ìdí rẹ̀ máa bà, ọmọ SS2 máa ń ju ara rẹ̀ sórí àga ni. Mo máa ń fi báàgì kọ́ èjìká kan kí n lè dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìrìn àgbà á sì kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Àwọn mékọ̀ọ̀pù ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á di ṣùkú fún mi, wọ́n á wọ̀ mí ní ìbọ̀sẹ̀ funfun, lẹ́yìn náà wọ́n á lẹ irun ìpéńpéjú gígùn mọ́ mi lójú. Ọmọ iléèwé ìjọba wo ló ń lẹ ìpéńpéjú lọ sí àṣenblì?

---

Bàbá Ìbejì Ṣómólú

Sísí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ṣáà ti gbàgbé Aki àti Pawpaw. Nígbà tí Aki na Ukwa jáde ní 2002, Osita Iheme ti lé ní 19, Chinedu Ikedieze sì tún jù ú lọ, ilé wa pátá gbà pé ọmọdé ni wọ́n. Ìyá mi gégùn-ún fún wọn pé wọn kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Kò sẹ́ni tó ń béèrè wákàtí.

---

Sísí Yunifọ́ọ̀mù

Bàbá Ìbejì, àwọn yẹn mọ̀ pé èèyàn máa rẹ́rìn-ín ni. Èmi, wọ́n fẹ́ kí ẹ sunkún.

---

Ẹ̀bùn ní Pẹ́kàm

Ẹ̀yin ń sọ ọ́ bíi pé kò ṣeé ṣe láti fi ọmọ gidi ṣe é. Ṣé ẹ ti wo Rocks? London ni wọ́n ti yà á, ọmọbìnrin Yorùbá ni ẹni tí ìtàn dá lé lórí, Olúṣọlá, ọmọ 15, ìyá rẹ̀ fi òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sílẹ̀ lọ. Bukky Bakray tó ṣe é, ọmọ iléèwé ni, kò ṣe fíìmù kankan rí. Àwọn tó ń wá òṣèré lọ jókòó sí iléèwé àti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin jọ, wọ́n sì gbé ìtàn ka ohun tí àwọn ọmọ ń sọ láàrin ara wọn. Ní 2021, Bukky gba ẹ̀bùn ìràwọ̀ tó ń yọ ní BAFTA, Lucy Pardee tó yan àwọn òṣèré náà sì gba tirẹ̀ fún iṣẹ́ yíyan. Níbí náà, káńsù ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ fún ọmọ tí kò tíì parí ọjọ́ orí iléèwé, ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ sì gbọ́dọ̀ wà. Wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀, fíìmù sì jáde.

Nígbà tí àwọn ọmọ yẹn ń pariwo lórí òrùlé, mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ àbúrò mi. Kò sí ẹni 28 tó lè ṣe ariwo yẹn.

---

Àlàbí Kílápà

N kò bá ọ jiyàn lórí Rocks. Àmọ́ wò ó dáadáa: fíìmù kan ni, ó parí. Àwọn ọmọ yẹn kò ní láti padà wá jẹ́ 15 lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Àti pé àkókò tí wọ́n ná kí kámẹ́rà tó tan, ọ̀pọ̀ purodúsà tí mo mọ̀ kò ní san án. Mo fẹ́ kí wọ́n san án o.

Àwọn kan sì ń pò ó pọ̀. Nínú Mean Girls, Lindsay Lohan jẹ́ 17 gidi nígbà tí wọ́n ń yà á ní 2003, Rachel McAdams tó ṣe Regina sì jẹ́ 24. Amy Poehler tó ṣe ìyá Regina, ọdún méje péré ló fi ju ọmọ rẹ̀ lọ. Dérìn, ẹ lè fi ìyẹn sínú kúìsì yín, kò sí ìjà nínú rẹ̀: 1971 àti 1978, oṣù wọn kò sì yí i padà.

---

Adájọ́ Sátidé

Wọ́n ní orúkọ mi wà níbí. Dérìn, ó yẹ kí o ka ìbéèrè sí wọn létí tán. Ohun tí mo kà jáde ni pé “ọmọ ọdún mélòó ni Stockard Channing nígbà tí Grease jáde.” Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n Kílápà ṣe ṣírò rẹ̀, 34 ni. N kò dá máàkì kankan padà.

---

Dérìn Kúìsì

Adájọ́, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. “Nígbà tó ṣe Rizzo” lẹ kà. Tábìlì mẹ́ta ló gbọ́.

---

Adájọ́ Sátidé

Tábìlì mẹ́ta tí ń mu bíà.

---

Àlàbí Kílápà

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ ohun tí ẹ gbọ́. Èmi ń bá ẹni tó ń kọ káàdì wí. Ẹni tó bá ń kọ ìbéèrè ọjọ́ orí gbọ́dọ̀ pinnu ọjọ́ tí ó ń kà dé, kó kọ ọ́ sínú ìbéèrè, kó sì mọ ọjọ́ àti oṣù ìbí, kì í ṣe ọdún nìkan.

Ẹ wò ó, gbogbo àṣìṣe inú káàdì wọ̀nyí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń ti nọ́mbà sí. Ọjọ́ ìjáde kì í ṣáájú ọjọ́ yíyà, torí náà kíka dé ọjọ́ ìjáde kò lè sọ òṣèré di kékeré láé. Yíyọ ọdún kúrò nínú ọdún náà, ó lè bá iye gidi mu tàbí kó fi ọdún kan lé e, kò lè dín in. Tí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, Olivia Newton-John ti kúrò ní 28, ó ti bọ́ sí 30. Èyí tó ga jù ló sì ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, nítorí náà òun ni wọ́n ń pín kiri.

Moaning Myrtle nínú Harry Potter kejì dára fún ìdánwò. Shirley Henderson ló ṣe iwin ọmọbìnrin yẹn, 14 ni ọmọ náà nígbà tó kú. Ibi púpọ̀ ni ẹ óò ti rí i pé 37 ni Henderson. Ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 1965 ni wọ́n bí i. Ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2002 ni fíìmù jáde. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó pé 37. Ìyẹn ni pé yálà ẹ ka ọjọ́ yíyà tàbí ọjọ́ ìjáde, kò sí bí 37 ṣe lè tọ̀nà. Ẹni kan ló yọ 1965 kúrò nínú 2002, àwọn yòókù sì dà á kọ.

Ti ọjọ́ orí ọmọ inú ìtàn náà wà ńbẹ̀. Grease kàn sọ fún wa pé wọ́n wà ní kíláàsì ìkẹyìn. Káàdì kan á ní Rizzo jẹ́ 17, èkejì á ní 18, wọ́n á wá yọ ọ́ kúrò nínú 34 tí kò dájú, wọ́n á ní àlàfo àárín wọn jẹ́ báyìí.

---

Tíṣà Àgbà

Mo ti ń kà bọ̀ láti òkè. Ibo ni ẹ ti ń rí ọjọ́ ìbí tí ẹ fi ń ṣírò? Ṣé àwọn òṣèré ló ń kọ ọ́ fúnra wọn? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìṣirò yín dà bí ilé orí iyanrìn.

---

Àlàbí Kílápà

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n. IMDb, ojú òpó tó ń kó ọ̀rọ̀ nípa fíìmù àti òṣèré jọ, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ìjà ńlá sì ti ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní 2016, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin kan, AB 1687. Òfin náà sọ pé òṣèré tó ń sanwó fún ojú òpó tí àwọn olùyan-òṣèré ti ń wá èèyàn síṣẹ́ lè ní kí wọ́n yọ ọjọ́ orí òun kúrò níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Gbogbo ayé mọ̀ pé IMDb ni wọ́n ń bá wí. Ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, SAG-AFTRA, ló wà lẹ́yìn òfin náà. Ta ni ààrẹ ẹgbẹ́ nígbà náà? Gabrielle Carteris. Andrea wa yẹn gan-an.

IMDb gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ dá òfin náà dúró ní oṣù kejì ọdún 2017, ó fagi lé e ní 2018, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí ìdájọ́ yẹn ní 2020. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni ọjọ́ ìbí, ìjọba kò lè pa ojú òpó kan lẹ́nu mọ́ lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i síbẹ̀ dòní.

---

Tíṣà Àgbà

Ìdájọ́ náà tọ́. Ọjọ́ ìbí kì í ṣe àṣírí. Tí òṣèré bá fẹ́ gbajúmọ̀, kó gbà pé a óò kà á.

---

Sísí Yunifọ́ọ̀mù

Tíṣà, ẹ máa bínú sí mi. Ẹ̀yin ń kà á fún kúìsì. Ẹni tó fẹ́ fún mi níṣẹ́ ń kà á kó tó rí ojú mi. Ó rí nọ́mbà, ó ti pa ìwé náà dé, kò mọ̀ pé mo ṣì lè wọ yunifọ́ọ̀mù kí olùkọ́ gidi lé mi wọ kíláàsì. Ká ní Carteris sọ 29 lọ́jọ́ yẹn, ṣé wọn ì bá jẹ́ kó kàwé fún wọn gbọ́? Òun ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí tó fi jà fún òfin yẹn.

---

Tíṣà Àgbà

Kí wọ́n wá fìyà jẹ olùyan-òṣèré tó ń ṣe ẹ̀tanú. Kí ni IMDb ṣe nínú rẹ̀?

---

Sísí Yunifọ́ọ̀mù

Báwo lẹ ṣe máa mú u? Ṣé ó máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé torí ọjọ́ orí ni?

---

Ẹ̀bùn ní Pẹ́kàm

Kí ẹ tó pa ara yín, ẹ sọ fún mi nípa Ben Platt, tó ṣe Evan, ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, nínú fíìmù Dear Evan Hansen. Gbogbo èèyàn ló bú u pé ó ti dàgbà jù. Ẹni 27 ni. Rizzo jẹ́ 33, a sì ń jó sí orin rẹ̀. Kí ló fa ìyẹn?

---

Àlàbí Kílápà

Ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ra pẹ̀lú 27 yẹn. Ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1993 ni wọ́n bí i. Oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, ó jẹ́ 26. Ó pé 27 nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Fíìmù sì jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an, ó pé 28. Adájọ́ Sátidé, ẹ má fi èyí sí káàdì láé.

Ní tèmi, ohun tó pa á lára ni pé ó wà láàrin òṣèré tí ojú wọn kéré sí tirẹ̀. Nínú Grease, gbogbo wọn ló dàgbà. Channing 33, Newton-John 28, Jeff Conaway 26. Kò sí ọmọ gidi kankan nítòsí tí ojú yóò fi wọ̀n wọ́n.

---

Ẹ̀bùn ní Pẹ́kàm

N kò gbà. Nínú Mean Girls tí ẹ fẹnu ara yín sọ, Lohan 17 jókòó ti McAdams 24, kò sẹ́ni tó bú McAdams.

---

Sísí Yunifọ́ọ̀mù

Torí pé Regina ni ọ̀gá kíláàsì. Ọmọ tó ń ṣe àgbà ni ìtàn fẹ́, nítorí náà tí àgbà bá yọ lójú rẹ̀, ó bá a mu. Evan jẹ́ ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, tó ń tẹ orí ba. Platt sì ti ṣe é lórí ìtàgé ní Broadway, níbi tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò rí ju ìlà ara rẹ̀ lọ, tí ó gbọ́dọ̀ gbọn ọwọ́, kó gbọn èjìká, kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ó gbé gbogbo gbígbọ̀n yẹn wá síwájú kámẹ́rà. Àgbàlagbà tó bá ń ṣe ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣe púpọ̀. Èmi, tí kámẹ́rà bá ti sún mọ́ mi, n kì í ṣe nǹkan kan mọ́. Mo kàn máa ń wo ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀, màá sì jẹ́ kí ẹnu mi yà díẹ̀.

---

Ẹ̀bùn ní Pẹ́kàm

Irun orí rẹ̀ ń kọ́? Irun yẹn burú.

---

Sísí Yunifọ́ọ̀mù

Ẹ fi irun sílẹ̀ o. Àwọn mékọ̀ọ̀pù ló yẹ kí wọ́n wá jẹ́jọ́ ìyẹn.